Ìbẹ̀bẹ̀ ìsopọ̀ ni, àbí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́?

Ọmọ Ọ̀bàntókò béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta níbí ni, ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni mo kọ́. Mo fẹ́ fi ìwé kékeré kan ti ìbéèrè ìsopọ̀ lẹ́yìn lórí LinkedIn, sí ọ̀gá obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ tí ọkàn mi ti ń fà sí tipẹ́. Yorùbá ni ìyá náà fi ń kọ̀wé sójú ewé rẹ̀. Mo pe ìwé yìí ní "ìbẹ̀bẹ̀ ìsopọ̀ sí agbanisíṣẹ́". Ṣé orúkọ náà tọ̀nà? Ohun tí mo kọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tuntun ni mí. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ gbà mí, kí ẹ sì bá mi wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ yín."

Tíṣà Ìbarà:

Níbo ni a ti gbọ́ "ìbẹ̀bẹ̀"? Ẹ̀bẹ̀ ti wà nínú bẹ̀bẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ ẹ̀bẹ̀ ló di bẹ̀bẹ̀. Kí ni ẹ tún wá ń gbé ì- lé e lórí sí? Àwọn tó kọ́ wa kò ní gba irú èyí lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kẹta. Ẹ̀bẹ̀ ni, ó parí.

Ará Ìtòkú:

Tíṣà, mo júbà, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò dúró. Ilé wà nínú kọ́lé, síbẹ̀ a ní ìkọ́lé. Ohun wà nínú jẹun, síbẹ̀ a ní ìjẹun. Ì- kò ṣẹ̀ níbí. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà mú ọmọ yìí kọ ló dùn mí. Ó sọ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀, ó sì lọ bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Ẹ tún ìwé rẹ̀ kà: kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì.

"Agbanisíṣẹ́" náà ti da ẹni méjì pọ̀. Mo ti wà nídìí ìgbanisíṣẹ́ pẹ́ tó láti mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé, tó ń ṣà wọ́n, tó ń pe ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹnì kejì ni olórí ẹ̀ka tí ìwọ yóò lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Òun ló sọ pé àyè ṣófo, òun náà ló sì máa ń sọ ẹni tó wù ú kẹ́yìn. Ẹni àkọ́kọ́ lè fẹ́ mọ ọjọ́ tí o máa parí àgùnbánirọ̀. Ẹni kejì yìí, iṣẹ́ ni kí o bá a sọ. Ọmọ Ọ̀bàntókò, èwo ni tìrẹ nínú àwọn méjèèjì? Kí ló sì kọ kẹ́yìn sójú ewé rẹ̀?

Ọmọ Ọ̀bàntókò:

Olórí àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ ni, mà. Ó kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé èèpo ẹ̀gẹ́ ń hu fún àwọn lásìkò òjò, kí ó tó gbẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ nínú oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin ni iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Ará Ìtòkú:

O ní èyí lọ́wọ́, o wá ń bẹ̀bẹ̀! Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa sísá èèpo ẹ̀gẹ́ lásìkò òjò. Èèpo ẹ̀gẹ́ nínú oúnjẹ adìyẹ ni iṣẹ́ àṣekágbá mi ní FUNAAB. Mo fẹ́ máa ka iṣẹ́ yín níbí."

Má dárúkọ iṣẹ́ tí o ń wá. Bí ó bá tẹ́wọ́ gbà á, ìwé yìí ni yóò di ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àpótí ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ yín, ìgbà yẹn ni o lè béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní ìwé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìdílé tó wá ọmọ wá kì í gbé ẹrù ìdána dání lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Lafẹ́nwá:

Ní tèmi, ìwé ìwáṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì lápá ọ̀tún, déètì, àti orúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí ìwà rẹ. Ọwọ́ ni mo fi kọ tèmi, mo sì gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mosàn fúnra mi. Akọ̀wé tó gbà á bá mi tún àmì ohùn orúkọ mi ṣe. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí?

Ọmọ Sàpọ́n:

Bàbá, ìwé ìwáṣẹ́ kọ́ là ń wí, ìlà bíi mẹ́ta péré ni. Àbúrò, má fi ìwé kankan sí i, tẹ Connect lásán. Bí wọn kò bá dáhùn, fà á padà, kí o tún fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé.

Ará Ìtòkú:

Òótọ́ ni pé o lè fà á padà. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fà á, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó jẹ́ kí o tún fi ránṣẹ́ sí ẹni kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń kó sí èyí lórí fóònù láìmọ̀: wọ́n á tẹ Connect, ó á sì lọ lófìfo. More ni kó kọ́kọ́ tẹ̀, kó wá ibi tí wọ́n kọ Personalize invite. Ẹni tí kò sanwó fún LinkedIn, ìwọ̀nba ìwé ni wọ́n ń fún un lóṣù, kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 200 lọ. Ẹni tó sanwó ní 300.

Yorùbá wa sì máa ń jẹ àyè níbẹ̀. À jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ jẹ́ méjì, nítorí àmì orí rẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Lórí kíbọọ̀dù tó ń ya àmì ìsàlẹ̀ náà sọ́tọ̀, ó di mẹ́ta. Èyí tí mo kọ yẹn wọlé dáadáa lórí kíbọọ̀dù tèmi, ṣùgbọ́n lórí irú kejì ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 200. Bí ó bá ṣẹ́kù díẹ̀ kó wọlé, gé ọ̀rọ̀ kan kúrò. Má yọ àmì, ìyá yẹn á rí i.

Tíṣà Ìbarà:

Mo gba ti ìwé náà. Mi ò gba ti orúkọ yẹn láéláé. Ọ́ tó kẹ́yìn "mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́" ńkọ́? Ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ lánàá ń sọ fún ọ̀gá pé "kí n mọ̀ ọ́"! Nílùú tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn! Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ sọ ọ́ di mọ̀-mí-n-mọ̀-yín.

Ará Ìtòkú:

Tíṣà, nígbà tí ẹbí ọkọ bá lọ bá ẹbí ìyàwó, ta ló ń sọ ọ́ di "mọ̀-yín"? Àwọn àgbà ni wọ́n sì ń kí. Ọ̀rọ̀ náà ti dì, ẹnikẹ́ni kò ka ọ́ yẹn sí ìwọ mọ́.

Tíṣà Ìbarà:

Èmi kà á sí i. Màmá tó tọ́ mi dàgbà kà á sí i.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ Gàrí:

Ẹ gbà mí láyè. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń hu, kí wọ́n yé kó o jọ gègèrè. Kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fún omi rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó sá a. Omi yẹn náà ni oró inú rẹ̀ ń bá jáde. Ọmọ tó bá mọ èyí ni kó bá ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé ó dá yín lójú pé Ẹ̀gbá ni ìyá náà? Ẹ̀gẹ́ là ń pè é níbí, àwọn kan tó ń rà á lọ́wọ́ mi ń pè é ní gbágùúdá, ẹlòmíràn ní pákí. Kí ọmọ náà padà lọ wo èyí tí obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ kọ, kó sì lo ìyẹn.

Ọmọ Ọ̀bàntókò:

Mo ti lọ wò ó, mà. Pákí ló kọ. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀gẹ́ ní ibi méjèèjì, ó sì wọlé.

Tíṣà Ìbarà:

Pákí! Nínú Abẹ́òkúta! Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ìyẹn ná.