Ta ló ń ṣe “àtúnṣe” nínú àtúnṣe àbùdá?

Atúmọ̀-èdè, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ kan fún mi láti tú sí Yorùbá, orí ohun tí wọ́n ń kọ ní CRISPR, tí a ń pè ní kírísípà, ni. Mo pè é ní “àlùmọ́gàjí àtúnṣe àbùdá”, mo sì pe fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà ní “fáájì”. Ṣé ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, àbí kí n wá ọ̀rọ̀ mìíràn?

Olùkọ́ Gírámà, Ọ̀yọ́

Kò tọ̀nà. Ibi tó dùn mí jù ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. “Fáájì” tí ẹ kọ yẹn, bí ẹni tó ń kà á fáwọn ọmọ iléèwé bá ṣi ohùn kan ṣoṣo pè, fàájì ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì máa rò pé afẹ́ ni bakitéríà ń sá fún. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní àmì ohùn ní 1964 ìbá ti fi pákó ìkọ̀wé na ẹni tó bá kọ irú rẹ̀. “Féèjì” ni kí ẹ kọ. Àlùmọ́gàjí náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ọwọ́ àwọn Hausa la ti gbà á. Ṣùgbọ́n n kò rí àléébù kankan lára “àtúnṣe”. A ń tún ilé ṣe, a ń tún aṣọ ṣe, a sì ń ṣe àtúnṣe sí ìwé òfin. Ohun tí a bá yí padà kí ó lè sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àtúnṣe ni.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Bàbá, bí a bá lé àlùmọ́gàjí jáde nítorí Hausa, àlùbọ́sà náà gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀ nìyẹn, kí a wá máa fi ata nìkan se ọbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kírísípà ni àlùmọ́gàjí tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí láti fi gé àbùdá, nítorí náà atúmọ̀ wa kò ṣìnà.

Òṣìṣẹ́ Wàrà

Àbúrò, apá kan ni ẹ mú nínú rẹ̀. Bàbá, ẹ foríjì mí, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fọwọ́ sí gan-an ló ń da èmi láàmú.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá bakitéríà tí a fi ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì ṣiṣẹ́. Bí féèjì bá wọ inú ìkòkò, ẹ kò ní fojú rí i. Ohun tí ẹ óò rí ni pé wàrà tó yẹ kó ti dì kí ilẹ̀ tó mọ́ ṣì ń ṣàn bí omi, kò sì kan rárá. Bí a bá wá tẹ́ bakitéríà náà sínú abọ́ pẹlẹbẹ kí ó hù bo ojú abọ́ bíi kùrukùru, ihò róbótó róbótó tó mọ́ gaara la óò bá níbi tí féèjì ti pa wọ́n. Síbẹ̀, díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù tí kì í kú. Irú àwọn aṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ ni Rodolphe Barrangou, Philippe Horvath àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé-iṣẹ́ Danisco yẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n rí i pé ibì kan wà nínú okùn àbùdá bakitéríà náà tí ọ̀rọ̀ kan náà ti ń jẹyọ lásọtúnsọ, àti pé láàárín àsọtúnsọ kan sí òmíràn ni ègé kúkúrú kan wà tí ó bá ara féèjì mu. Àwọn aṣẹ́kù ti fi ègé tuntun kún tiwọn, láti ara féèjì tó kọlù wọ́n. Nígbà tí wọ́n yọ ègé náà kúrò, féèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa bakitéríà náà. Nígbà tí wọ́n fi ègé náà sí ara èyí tí kò ní i, féèjì kò rí i pa mọ́. Àwọn féèjì kan sì wà tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo nínú okùn àbùdá wọn ni wọ́n yí padà níbi tí a ti ń dá wọn mọ̀, wọ́n sì ráyè wọlé.

Ibi tí bakitéríà kó àwọn ègé náà pamọ́ sí, ilé ìpamọ́ yẹn ni kírísípà. Kì í gé nǹkan. Òǹgé ni purotéènì tó ń bá a rìn. Èyí tí a ń lò jù, Káàsì-9, ara bakitéríà tó ń fa ọ̀nà ọ̀fun ríro la ti mú un, nítorí náà kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ ní yàrá ìwádìí. Bakitéríà yóò ṣe ẹ̀dà ègé náà, yóò sì fi lé Káàsì-9 lọ́wọ́, bí ìgbà tí ọdẹ bá fi aṣọ olè fún ajá gbóòórùn. Káàsì-9 yóò máa tọ okùn tó bá bá pàdé, yóò máa wá lẹ́tà G méjì tó tẹ̀ léra wọn, èyí tí a ń kọ ní NGG, tí N dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí. Ibi tó bá ti rí wọn ni yóò ti fi lẹ́tà ogún inú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ wé lẹ́tà tó ṣáájú wọn, bí wọ́n bá sì bára mu, yóò gé okùn náà já. Ègé tó wà nílé ìpamọ́ kò ní G méjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí ajá kì í fi í bu olówó rẹ̀ jẹ.

Ní 2012, Jennifer Doudna, Emmanuelle Charpentier àtàwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ fi hàn pé a lè so ẹ̀dà ègé náà àti ẹ̀dà mìíràn tí Káàsì-9 tún nílò pọ̀ di ẹyọ kan, kí a sì kọ lẹ́tà ogún tó bá wù wá sórí rẹ̀. Ní 2013, wọ́n ti ń fi gé okùn nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Gígé náà ni o. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń so okùn tó já, ìkánjú ló sì sábà máa ń fi so ó: a sọ lẹ́tà kan nù, a fi méjì kún un, ojú àpá kì í sì í jọ ojú ara. Bí a bá fẹ́ kí ó so ó bó ṣe wù wá, a ní láti gbé àwòkọ síwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kì í sì í bojú wo àwòkọ náà. Ta ni ó wá ṣe àtúnṣe níbẹ̀? Ẹ kọ “ìgékùn àbùdá”. Ègé tí bakitéríà fi pamọ́, ẹ pè é ní “àpá”.

Ìyá Àkọ́bí, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ gírámà, ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé mi dé ibí. SS ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba ilẹ̀ yìí fọwọ́ sí ìtọ́jú kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, mo sì kà á ní èdè wa pé “àtúnṣe àbùdá” ni. Mo pe ìyá mi nílé, mo ní wọ́n ti lè tún S ṣe kí ó di A, àti pé ọmọ ọmọ mi kò ní bá S pàdé mọ́. Màmá ti lọ wo aṣọ ìdúpẹ́. Ṣé n kò ṣì wọ́n lọ́nà?

Òṣìṣẹ́ Wàrà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ẹ ní kí Màmá fi ọwọ́ mọ́ aṣọ náà díẹ̀ ná. Ìtọ́jú yẹn, Kásígẹ́fì, kò fọwọ́ kan S. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, hìmógúlóbíìnì mìíràn ló ń lò, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Lẹ́yìn ìbí, àbùdá kan tí wọ́n ń kọ ní BCL11A á pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n á kó sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á fi Káàsì-9 gé ibi tó ń mú BCL11A ṣiṣẹ́ nínú ìran ẹ̀jẹ̀ pupa, sẹ́ẹ̀lì á sì so ó ní ìsokúso. Ìsokúso náà gan-an ni a fẹ́: ibẹ̀ á bàjẹ́, hìmógúlóbíìnì ìgbà oyún á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn líle pa èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn egungun, oògùn yẹn sì lè ba agbára ọmọ bíbí jẹ́. Ẹ bi dókítà nípa ìyẹn kí ẹ tó bi í nípa ohunkóhun mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbà á ti bọ́ lọ́wọ́ ìrora tó ń dá wọn dé ọsibítù, ṣùgbọ́n S wà níbẹ̀, ọmọ yín yóò sì fún ọmọ tirẹ̀ ní S kan, nítorí wọn kò gé ohunkóhun nínú irúgbìn ọmọ bíbí.

Bàbá, ẹ ò rí ohun tí “tún” yín ṣe?

Olùkọ́ Gírámà, Ọ̀yọ́

“Tún” kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó kọ ìròyìn láìṣàlàyé ló ṣe é. Bí ara ọmọ bá yá, wọ́n ti tún ayé rẹ̀ ṣe. Bíríkìlà tó ń tún ilé ṣe kì í kọ́kọ́ wó ògiri ni?

Òṣìṣẹ́ Wàrà

Bíríkìlà náà ló máa ń mọ ọ́n padà, Bàbá. Èyí wó o, ó bá tirẹ̀ lọ, ó fi onílé sílẹ̀ pẹ̀lú amọ̀.

Olùkọ́ Gírámà, Ọ̀yọ́

Ó dára, mo gbọ́ ti amọ̀. Ṣùgbọ́n “ìgékùn” tiyín burú ju àtúnṣe lọ, nítorí ẹni tí kò bá fi imú pe ìparí rẹ̀ dáadáa, “ìgékù” ni etí yóò gbọ́, nǹkan tí a gé tí ó ṣẹ́kù. “Àpá” ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ṣá ló ń ní àpá. Ara ọ̀tá ni ègé yìí ti wá. Ọdẹ tó gbé agbárí ẹkùn kọ́ ògiri, ẹ ò lè pe agbárí náà ní àpá rẹ̀. Ìkógun ni.

Òṣìṣẹ́ Wàrà

Ìkógun dùn létí, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí bakitéríà bá pín sí méjì, ègé náà á wà lára àwọn méjèèjì, ìkógun kì í sì í bá ọmọ wáyé láti inú ìyá rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Àpá náà kì í bá ọmọ wáyé, ẹ̀gbọ́n.

Atúmọ̀-èdè, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun. Mo ti yọ àlùmọ́gàjí. Mo fi “kírísípà” sílẹ̀ fún ilé ìpamọ́, mo kọ “gígé okùn àbùdá” fún iṣẹ́ tí Káàsì-9 ń ṣe, ibi tí wọ́n ti gbé àwòkọ fún sẹ́ẹ̀lì nìkan ni mo dá “àtúnṣe” sí. Fún ègé náà, mo kọ “ègé ìpamọ́” títí ẹ ó fi parí ìjà yín. Féèjì ni mo sì kọ jálẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Fẹ́ẹ̀jì ni a ń pè é ní tiwa níbí o, pẹ̀lú ẹ.

Olùkọ́ Gírámà, Ọ̀yọ́

Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?