Másítà ọdún kan nílùú Ọba àbí ọdún méjì ní Jámánì?

Wálé, Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló gbà mí fún másítà ìmọ̀ ẹ̀rọ iná. Ti ìlú Ọba, ọdún kan ni, 16,000 pọ́n-ùn. Ti Dortmund, ọdún méjì, wọn ò gba owó ilé-ẹ̀kọ́. Oṣù Kẹsàn-án 2026 ni ti ìlú Ọba máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyàwó àti ọmọ kan. Èwo ni kí n mú?

Bísí ọmọ Ẹ̀gbá: Kí lẹ tún ń rò? Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Jámánì.

Bọ̀dá Dáre: Kì í ṣe gbogbo wọn, Bísí. Ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, 1,500 yúrò làwa tí a kì í ṣe ọmọ Yúróòpù ń san ní sáà kọ̀ọ̀kan láti 2017.

Wálé, ya owó tó ń lọ pátápátá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì jẹ́ tìrẹ. Nílùú Ọba, 16,000 yẹn lọ nìyẹn, owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà sì tún jẹ́ 1,164. Lẹ́yìn náà ni wàá tún fi owó oúnjẹ àti ilé hàn, kó sì ti wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28. Ní Jámánì, 11,904 yúrò ni wàá kó sínú àkáǹtì tí wọ́n ń tì, 992 ni wọ́n á máa tú sílẹ̀ fún ọ lóṣooṣù. Owó ara rẹ lò ń ná. Ọdún kejì ló ń dá àwọn èèyàn lágara, torí ti ọdún kan péré nìyẹn.

Ìyá Tòmíwá: Èmi HND ni mo ní. Ṣé Jámánì á gbà á?

Bọ̀dá Dáre: Ẹ wo anabin, Mà, ìkànnì tí Jámánì kó ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè sí. Kì í ṣe H+ tó ń fi hàn pé wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà nìkan lẹ máa wò, ẹ wá ìwé-ẹ̀rí yín fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Wálé: Ti iṣẹ́ ńkọ́, Bọ̀dá?

Bọ̀dá Dáre: Ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹni tó bá béèrè fún físà tí wọ́n fi ń dúró wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ nílùú Ọba láti oṣù kìíní 2027, oṣù 18 ni, ti Jámánì náà oṣù 18. Èdè ló yà wọ́n. Lọ wo ìpolówó iṣẹ́ ogún nínú iṣẹ́ rẹ ní Dortmund, ka iye tó béèrè èdè Jámánì. Bó bá ju ìdajì lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ báyìí, má dúró dìgbà tó o bá débẹ̀.

Bísí ọmọ Ẹ̀gbá: Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?

Bọ̀dá Dáre: Láti 2024, ìlú Ọba ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ irú másítà yìí kó ẹbí lọ mọ́. Jámánì ṣì ń gbà, àmọ́ ìyàwó sábà máa ń nílò A1, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ nínú èdè Jámánì, ilé tó tóbi tó àti owó lórí ti ọkọ.

Wálé: Ìyàwó mi ní òun ò ní dá ọmọ tọ́ fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ibo ni n ó ti rí owó ọdún kejì yẹn?

Ìyá Tòmíwá: Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìyàwó yín fẹ́ kọ́ Jámánì.