Bí mo ṣe gé ìkéde ìpàdé ẹbí wa di ìlà mẹ́ta

Akọ̀wé Ẹbí: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí tèmi. Ní Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2024, àbúrò bàbá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, wọ́n ní kí n bá wọn fi tó gbogbo ẹbí létí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí. Mo ti ní ká ṣèpàdé nílé mi lónìí, àmọ́ ẹ ẹ̀ rí bí òjò ṣe rọ̀, ọ̀nà ò ṣeé gbà. Ó wá di òní ọjọ́ mẹ́jọ, aago méje alẹ́ náà ni, àmọ́ orí Súùmù la ti máa ṣe é. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tó bá fẹ́ wá jókòó tì mí, ó lè wá, kó ṣáà pè mí kó tó di Ọjọ́bọ̀ torí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ òrùlé ilé màmá wa náà ni o, ẹni tó bá ti sanwó kó mú rìsíìtì ẹ̀ dání. Ọlọ́run á dá wa sí."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tí èèyàn máa ṣe nǹkan kan lé lórí. Òjò àti ọ̀nà ti kọjá, mo yọ wọ́n. Àmọ́ mo fi "kì í ṣe nílé Bàbá mọ́" sílẹ̀, torí àwọn tó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbéra lọ síbẹ̀.

"Òní ọjọ́ mẹ́jọ" ló gba ìrònú jù. Àwọn àgbà ń ka òní mọ́ ọn, Sátidé sí Sátidé ni, ìyẹn ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá. Ọmọ tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù á fi mẹ́jọ kún 26, á bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 3. Ó tún ku ti aago. Títí di ọjọ́ tí Bàbá kọ ọ̀rọ̀ yẹn, aago kan náà la jọ ń lò pẹ̀lú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n dá tiwọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní dá tiwọn padà títí di ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn ìpàdé. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

Ìpàdé lórí òrùlé ilé Màmá: Sátidé, 2 oṣù Kọkànlá, lórí Súùmù, kì í ṣe nílé Bàbá mọ́. Aago 7 alẹ́ Nàìjíríà, 6 ìrọ̀lẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, 1 ọ̀sán Hiúsítìn.
Ẹni tó ti sanwó òrùlé, kó mú rìsíìtì dání.
Ará Ìbàdàn tó fẹ́ jókòó ti Bàbá, kó pè wọ́n kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, torí oúnjẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó ṣì gùn. Ọjọ́, aago, ibi ìpàdé, ó parí. Ìlà kan tó.

Akọ̀wé Ẹbí: Tí mo bá yọ ti rìsíìtì, ẹ̀gbọ́n, ìjà ni ìpàdé yẹn ì bá dà. Ọ̀rọ̀ ta ló san, ta ni ò san, ló gbé wa débẹ̀.

Ìyá Aránṣọ: Àwọn oníbàárà tèmi ńkọ́? Mo ní kí wọ́n wá wọn aṣọ wò ní Túsìdeè, kí wọ́n wá gbé e ní Fúráìdè. Túsìdeè ni wọ́n gbé báàgì wá! Ṣé ẹ rò pé wọ́n máa ń kà á tán?

Aka-ìkéde: Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe, ìkéde ni mo ń kà. Ìyá, ọjọ́ méjì lẹ kó sínú gbólóhùn kan. Ẹ ya ìlà wọn sọ́tọ̀, kí ẹ fi ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ṣáájú ọjọ́: "Wíwọ̀ wò: Túsìdeè. Gbígbé: Fúráìdè." Akọ̀wé, iṣẹ́ yín dára, àmọ́ nǹkan kan já bọ́. Bàbá ní "kó tó di Ọjọ́bọ̀", ẹ̀yin kọ "kí Ọjọ́bọ̀ tó parí". Ọjọ́rú ni gbèdéke tiwọn. Tí mo bá ti gé ìkéde tán, mo máa ń ka èyí tí mo gé fún ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́, màá ní kó sọ ohun tó máa ṣe àti ọjọ́ tó máa ṣe é. Lẹ́yìn náà ni màá fi ìdáhùn rẹ̀ wé ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni irú èyí ti máa ń hàn.

Akọ̀wé Ẹbí: Òótọ́ ni, ó sì dun Bàbá. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ ra ẹran ní Bódìjà, fún èèyàn márùn-ún. Àwọn méjì pè wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, torí ohun tí mo kọ ni wọ́n tẹ̀ lé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá.

Màmá Àgbà: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" dà? "Ọlọ́run á dá wa sí" dà? Ẹnu àgbà lẹ gé yẹn o. Bí ọmọ mi bá kọ bẹ́ẹ̀ sí mi, mi ò ní dáhùn.

Aka-ìkéde: Màmá, ẹ kú àròjinlẹ̀. Tèmi ni pé kí ìkíni wà lókè, lọ́tọ̀, kí a má kà á mọ́ ìlà mẹ́ta náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìlà mẹ́rin nìyẹn.

Màmá Àgbà: Kó jẹ́ mẹ́wàá.

Akọ̀wé Ẹbí: Oṣù tó ń bọ̀ la tún fẹ́ ṣèpàdé. Màá béèrè lọ́wọ́ Bàbá fúnra wọn bóyá kí n fi ìkíni wọn sílẹ̀ bó ṣe wà.