"Ìgbésókè" àbí "àlékún"? Orúkọ wo ló yẹ iṣẹ́ tí ìpolówó ṣe?

Atúmọ̀ Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iléeṣẹ́ kan ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ lórí rédíò àti YouTube. Wọn kì í tà á níbẹ̀. Inú ọjà làwọn èèyàn ti ń rà á. Wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpolówó yẹn ti mú kí èèyàn púpọ̀ sí i mọ ọṣẹ náà. Ìwádìí oníbéèrè tí wọ́n ń ṣe, mo pè é ní "ìgbésókè orúkọ ọjà". Bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ọṣẹ náà lórí Google, mo pè é ní "ìfẹ́ ìwákiri". Ṣé ó bọ́ sí i?

Bàbá Olùkọ́: Kò bọ́ sí i. Ẹni tó bá ní "ìgbésókè" ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀. Ta ló rí i pé ẹnì kan gbé nǹkan sókè? "Àlékún mímọ̀" ni kí o kọ. Kí o sì fi àmì ohùn sí i dáadáa, torí bí o bá kọ "mímọ́" sídìí ọ̀rọ̀ ọṣẹ, aṣọ tó mọ́ ni wọn yóò rò pé ò ń sọ. Àwọn àgbà tó kọ́ wa kì í fojú fo irú èyí.

Ọmọ Ìpolówó: Bàbá, ẹ ṣeun. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí l'Ékòó, ọ̀rọ̀ yín sì bá bí a ṣe ń ṣe é mu. YouTube á kọ́kọ́ yọ àwọn kan sọ́tọ̀ bí ẹni ṣẹ́ kèké, kí wọ́n má rí ìpolówó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ì bá rí i. Wọ́n á wá bi ìhà méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: "Èwo nínú àwọn ọṣẹ yìí lẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀?" Ká ní 40 nínú 100 àwọn tí kò rí i ló mú ọṣẹ wa, tí 46 nínú 100 àwọn tó rí i sì mú un. 6 tó wà láàárín nìkan ni ìpolówó lè pè ní tirẹ̀. Ìyókù ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ọ̀gá wọn pé 15 nínú 100 ni, torí wọ́n fi 6 wé 40. Irọ́ kọ́, àmọ́ ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń sọ. Bó bá sì jẹ́ 100 èèyàn péré ni wọ́n bi ní ìhà kọ̀ọ̀kan, 6 yẹn lè jẹ́ èèṣì lásán. Bí wọ́n bá bi 2,000 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé gbára lé.

Aládìrẹ Abẹ́òkúta: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìwádìí yìí á sọ ẹni tó máa rà? Èmi ń gbé àdìrẹ sórí Facebook, wọ́n ń kí mi, wọn ò rà.

Ọmọ Ìpolówó: Rárá, Mọ̀mí. Ẹni tó mọ ọjà lè má rà á láéláé. Iye àwọn oníbàárà yín kò sì tíì tó ohun tí ìwádìí yìí lè rí nǹkan gidi nínú rẹ̀. Ẹ máa bi ẹni tó bá rà pé ibo ló ti gbọ́ nípa yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kútọnu: "Ìfẹ́ ìwákiri" dára lójú tèmi. Bí Google Trends, tó ń ya ìlà bí àwọn èèyàn ṣe ń wá nǹkan lórí Google, bá kọ 100, gbogbo èèyàn ìlú ló fẹ́ ọjà náà.

Ọmọ Ìpolówó: Ó tì o. 100 ni ibi tó ga jù láàárín ìgbà àti àgbègbè tí ẹ yàn. 50 jẹ́ ìlàjì rẹ̀. Kò sọ iye èèyàn. Kò sì sọ ìfẹ́: bí àhesọ bá tàn kálẹ̀ pé ọṣẹ ń bó ọwọ́, ìwákiri á lọ sókè fíofío. Òótọ́ ni pé ó wúlò fún rédíò, níbi tí a ò ti lè yọ olùgbọ́ kan sọ́tọ̀. A lè polówó l'Ọ́yọ̀ọ́, ká fi Edó sílẹ̀, ká wá wò ó bóyá ìlà Ọ̀yọ́ nìkan ló gbéra.

Ṣùgbọ́n ẹ wo "Omo" tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ tẹ "omo" síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá "ọmọ" láìfi àmì sí i á dà pọ̀ mọ́ ti ọṣẹ. Ẹ tẹ "omo detergent", tàbí kí ẹ wò ó bóyá Google ti ya ọṣẹ náà sọ́tọ̀ bíi Topic, ìyẹn nǹkan náà gan-an, dípò Search term, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lásán. Ìbéèrè ẹnu pàápàá ò bọ́ nínú rẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo, kódà èyí tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹni tó ní òun mọ Omo lè má mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Olùkọ́: Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn! Àmì tí ẹ fi ń ṣàwàdà ti wá dá gbèsè sí wọn lọ́rùn.

Atúmọ̀ Ìbàdàn: Mo gba "àlékún mímọ̀", Bàbá. Fún èkejì, "ìwọ̀n ìwákiri" ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kútọnu: Kí ló dé tí kì í ṣe "àlékún òkìkí"? Orúkọ ọjà kò ha ń kàn ni?

Bàbá Olùkọ́: Òkìkí olè náà ń kàn. N kò fọwọ́ sí i. "Ìwọ̀n" pàápàá, mo ṣì ń rò ó, torí ohun tí kò sọ iye, kí ló wọ̀n?

Ọmọ Ìpolówó: Ó wọn ìlọsókè àti ìlọsílẹ̀, Bàbá.

Bàbá Olùkọ́: Ìyẹn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.