Ṣé ó mọ́ ẹ̀fọn lára ni, àbí a bí i mọ́ ọn? Lórí "àṣàyàn" àti "ìmọ́ra"

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì, Ìsẹ́yìn:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ń túmọ̀ ìbéèrè ìdánwò kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: "Ṣàlàyé bí àṣàyàn àdánidá ṣe ń ṣiṣẹ́, mú ẹ̀rí ẹfolúṣọ̀n wá, kí o sì fi àpẹẹrẹ ìmọ́ra ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn." Ṣé "àṣàyàn" àti "ìmọ́ra" tọ̀nà fún "selection" àti "adaptation"? Àpẹẹrẹ wo ni ẹ rò pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dáhùn?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, Ìbàdàn:
"Ìmọ́ra" tọ̀nà gan-an, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà nínú yàrá wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín àwọ̀n olóògùn, ẹ̀fọn tó bá fara kàn án ń kú. Ní báyìí, wọ́n ń bà lé e bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Oògùn ti mọ́ wọn lára, wọ́n sì ti fi ìmọ́ra náà lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Ẹfolúṣọ̀n náà nìyẹn.

Onímọ̀ kòkòrò, Kútọnu:
Àpẹẹrẹ yín dára, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àlàyé yín ni mi ò lè gbà, ẹ sì jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń dán an wò kí ẹ lè rí ìdí rẹ̀. A kì í kó ẹ̀fọn tó ti ń fò káàkiri ilé. Ìdin rẹ̀ la máa ń bù nínú omi tó dá rogún, a ó tọ́ ọ títí yóò fi di ẹ̀fọn, nígbà tí àwọn abo bá sì pé ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún láìtíì fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, a ó kó nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú ọ̀pá kan tí a ti fi bébà tó ní pámẹ́tírìnì, irú oògùn ara àwọ̀n, tẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n á lo wákàtí kan níbẹ̀, a ó kó wọn kúrò, a ó sì ka òkú lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí àwọn tó kú kò bá tó 90 nínú 100, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a gbà pé oògùn náà kò ràn wọ́n bó ṣe yẹ mọ́.

Àwọn ẹ̀fọn wọ̀nyí kò bá àwọ̀n pàdé rí kí wọ́n tó wọ inú ọ̀pá, síbẹ̀ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ níbí, ọ̀pọ̀ wọn ń jáde láàyè. Bí ẹnì kan bá ní omi oko ẹ̀fọ́ ló ti jẹ́ kí ìdin tọ́ oògùn wò, a lè jẹ́ kí wọ́n yé ẹyin sọ́dọ̀ wa, kí a tọ́ ọmọ wọn nínú omi tó mọ́, ọmọ náà á ṣì la oògùn já. Ohun tí ara kò pàdé rí kò lè mọ́ ọn lára. A bí i mọ́ wọn ni.

Oògùn ara àwọ̀n máa ń dì mọ́ ẹnu ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú iṣan ìmọ̀lára ẹ̀fọn, kò ní jẹ́ kí ó padé bó ṣe yẹ, ẹ̀fọn á máa gbọ̀n títí yóò fi kú. Lára àwọn ẹ̀fọn kan, èròjà kan ṣoṣo lára ẹnu ọ̀nà náà, ní ipò tí a ń pè ní 1014, ti yàtọ̀, oògùn kì í sì rí ibẹ̀ dì mú dáadáa. Àṣìkọ inú jíìnì ló fa ìyàtọ̀ yìí, oògùn kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀fọn 100 wà ní abúlé kan, tí 4 ní ìyàtọ̀ náà. Àwọ̀n pa 80 nínú àwọn 96 yòókù, ó sì pa 1 nínú àwọn 4. Àwọn tó kù jẹ́ 19, 3 nínú wọn ló sì ní ìyàtọ̀ náà. Ìpín wọn ti kúrò ní 4 nínú 100, ó ti lé ní 15, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn kankan kò yí padà nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Àwọn tó kù ló ń bímọ, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìran mìíràn sì ti dé.

Atúmọ̀ èdè, Lọ́ńdọ̀nù:
Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, "àṣàyàn" náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò bèèrè pé ta ló ń ṣà, ta ló sì ń yàn. Wàhálà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1866, Wọ́lẹ́sì, onímọ̀ ẹ̀dá tí èrò òun àti ti Dáwìn lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ jáde ní 1858, kọ lẹ́tà sí Dáwìn pé kí ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tó ń lò, torí àwọn èèyàn ń rò pé olóye kan ló ń dúró yan ẹ̀dá. Dáwìn gba ọ̀rọ̀ kejì mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ju ti àkọ́kọ́ nù. Èmi dá "ìsẹ́kù àdánidá" lábàá: asẹ́ kò ní èrò nínú, síbẹ̀ ohun tó bá kù nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tó kàn ṣèèṣì kù. Fún èkejì, "ìbáyému" yóò dára ju "ìmọ́ra" lọ.

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo:
Ẹ má bínú, ìdí tí mo fi dá sí i ni pé AS ni èmi, wọ́n sì máa ń ní AS ni "ìbáyému" tí ibà fún wa. Ibà ń ṣe mí bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn. Irú ìbáyému wo nìyẹn? Ṣé kí n sọ fún àwọn tọkọtaya tó ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò pé ohun rere ni?

Onímọ̀ kòkòrò, Kútọnu:
Rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. AS kò ní kí ibà má ṣe èèyàn. Ohun tó ń dín kù ni ibà líle tó ń pa ọmọdé, èyí sì ti wà lákọsílẹ̀ láti 1954 nínú iṣẹ́ onímọ̀ ìṣègùn Álísìnì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Bí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ṣì ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ohun tó dáàbò bo ẹnì kan ló ń pa ọmọ ẹlòmíràn, ìdí sì nìyẹn tí jíìnì náà kò fi borí pátápátá, tí kò sì parẹ́. Mo fẹ́ràn "ìbáyému" nítorí ayé ibi tí ibà wà nìkan ló bá mu. Níbi tí kò sí ibà, ìpalára rẹ̀ nìkan ló kù.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, Ìbàdàn:
Mo ti gbọ́ ti "ìmọ́ra". Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tí oògùn kò pa, ẹ̀fọn náà ṣì ni. Ìbéèrè olùkọ́ ní ká mú ẹ̀rí ẹfolúṣọ̀n wá. Báwo ni èyí ṣe fi hàn pé ẹ̀dá kan ti ara òmíràn wá?

Onímọ̀ kòkòrò, Kútọnu:
Ẹ gbá a mú. Ìpín tó ń yí padà yẹn kò lè fi ìyẹn hàn fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì dúró síbẹ̀ ti dáhùn ìdajì. Ohun tí mo máa fi kún un ni nọ́ńbà 1014 yẹn. Kì í ṣe ara ẹ̀fọn la ti kà á. Ara eṣinṣin ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ náà, nọ́ńbà ti eṣinṣin la sì ń lò fún ẹ̀fọn títí dòní, torí pé bí a bá to jíìnì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n jọra débi pé a lè fi ipò kan nínú ọ̀kan tọ́ka sí ipò kan náà nínú èkejì. Àwa èèyàn pàápàá ní jíìnì inú ẹbí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa ti jìnnà sí tiwọn ju bí tiwọn ṣe jìnnà síra lọ. Bí ìbátan bá ṣe jìnnà tó ni ìjọra ń dín kù tó, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ọ̀pọ̀ jíìnì mìíràn tí kò kan oògùn ẹ̀fọn rárá.

Ní ti "ìsẹ́kù", mi ò tíì gbà. Nínú gbólóhùn, ó ń dún létí mi bíi kí èèyàn sẹ́ ọ̀rọ̀.

Atúmọ̀ èdè, Lọ́ńdọ̀nù:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí "àṣàyàn" dúró, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ ọ́ sínú ìbéèrè rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń yàn, kó tó di pé ìdajì kíláàsì fi ojú ìwé kan gbáko dáhùn pé ẹ̀fọn pinnu láti yí padà.