Bọ́ọ̀tì fọ́rẹ́ẹ̀sì tí kì í pàdánù: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Tíṣà Ìkọ̀lé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Àbúrò ìyàwó mi mú bọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ra owó ilẹ̀ òkèèrè tó sì ń tà á, wá síwájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ó ní dọ́là 500 la máa fi bẹ̀rẹ̀, pé ó ń mú dọ́là mẹ́ta sí mẹ́rin wá lójúmọ́, àti pé kò tíì pàdánù òwò kankan. Ẹgbẹ́ fẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti lo irú rẹ̀, kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Tíṣà, ẹ sá o! Ṣé ẹ ti gbàgbé CBEX ni? Àwọn náà ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ló ń bá àwọn ṣòwò, pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 30. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, owó kò jáde mọ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ọmọ Ajílọ́ṣùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń mú àwọn tó ṣọ́ra. Ní ti CBEX, ọwọ́ wọn lẹ ń kó owó sí. Ní ti bọ́ọ̀tì tí Tíṣà ń sọ, orúkọ yín ni àkántì wà lọ́dọ̀ búrókà, ilé-iṣẹ́ tí òwò ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ẹ lè yọ owó yín lọ́la. Kò sẹ́ni tó máa gbé e sá lọ. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀tì náà ń gbà ṣòwò ló ń jẹ ẹ́ tán.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn gbé bọ́ọ̀tì wọn sórí VPS, ìyẹn kọ̀ǹpútà àyágbé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ, nítorí náà mo máa ń rí inú àkántì wọn. Oníbàárà mi kan tó ń ra kòkó kó dọ́là 500 sí ọ̀kan. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Ó máa ta EURUSD, ìyẹn yúrò sí dọ́là, ní lọ́ọ̀tì 0.01; lọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn bí òwò ṣe tóbi tó. Bí yúrò bá wálẹ̀ ní pìpù 10, pìpù ni ìṣísẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ka bí iye rẹ̀ ṣe ń yí, ó jèrè dọ́là kan, ó parí. Bó bá jẹ́ pé òkè ni yúrò lọ ńkọ́? Kò ní gbà pé òun ṣìnà. Ó dúró kó gun pìpù 20, ó tún ta 0.02. Pìpù 20 mìíràn, 0.04. Lẹ́yìn náà 0.08, 0.16, 0.32, 0.64. Bí yúrò bá fà sẹ́yìn díẹ̀ péré, èyí tó tóbi jù nínú wọn á kó gbèsè gbogbo wọn, bọ́ọ̀tì á sì pa wọ́n dé pẹ̀lú èrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kò pàdánù rí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, nítorí kì í pa wọ́n dé nígbà tí àpapọ̀ wọn bá ń pàdánù.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tí Amẹ́ríkà gbé iye àwọn tó ríṣẹ́ jáde, yúrò gbéra, kò sì fà sẹ́yìn tó bó ṣe yẹ. Nígbà tó gun pìpù 100, gbèsè ti di dọ́là 114. Pìpù 120, ó di 240. Ní 140, á di 494. Ẹ rí i pé 40 tó kẹ́yìn ló gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ lọ. Kó tó pé 140 náà ni búrókà pa gbogbo rẹ̀ dé fúnra rẹ̀, nítorí owó tó kù kò lè gbé òwò náà dúró mọ́. Àwọn èrè dọ́là kan kan tí baba náà ti ń kó jọ bá a lọ.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Háà. Ṣé baba náà kò rí i pé ó ń lọ ni?

Ọmọ Ajílọ́ṣùn: Balance ló ń wò, mà. Balance kì í mira títí òwò á fi parí, nítorí náà 500 àti èrè rẹ̀ ló ń rí níbẹ̀. Equity ló ń sọ ohun tó kù ní tòótọ́, ìyẹn sì ti já wálẹ̀. Àwòrán tí àwọn olùtajà ń fi sórí Wáńsáàpù, Balance ló máa ń wà níbẹ̀.

Dèjì Ìwòròkò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà fi S/L sí i, ààlà tó máa pa òwò dé bí pàdánù bá kan án. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọmọ Ajílọ́ṣùn: Ó dáa, fi í sí pìpù 100. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kan án, 114 lọ. Èrè ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ dọ́là kan. Ó ní láti ṣẹ́gun ní ìgbà 114 kó tó dí ihò kan ṣoṣo. S/L á gba ìyókù owó rẹ là, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òun náà ló máa jẹ́ kó o rí i pé èrè tí wọ́n ń pariwo kò sí níbẹ̀.

Dèjì Ìwòròkò: Hmm. Mo fẹ́ kí ẹ ṣì fi í sí i o.

Àǹtí Aṣọ, Ọjà Ọba: Tèmi kì í ṣe bọ́ọ̀tì, sígínà ni, ìyẹn kí wọ́n máa sọ ìgbà tí a máa rà tàbí tà fún wa. Mo ń san owó oṣooṣù fún ẹgbẹ́ kan lórí Tẹligírámù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù mi, àti aago tó wọlé. Lópin oṣù, wọ́n gbé àkójọ èrè jáde, mo fi wé ìwé mi: àwọn tó pàdánù kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti pa wọ́n rẹ́. Àwọn mìíràn, iye tí wọ́n ní ká rà á ti kọjá kí ọ̀rọ̀ wọn tó dé fóònù mi. Ohun tí kò yé mi títí di òní ni pé bí ó bá dára bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń ta á?

Ọmọ Ajílọ́ṣùn: Àǹtí, ẹ wo ìlínkì tí wọ́n fi ní kí ẹ ṣí àkántì. Ọ̀pọ̀ búrókà ló ń san owó fún ẹni tó mú oníbàárà wá, lórí lọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá ṣe, ì báà jèrè, ì báà pàdánù. Ẹ padà sí baba oníkòkó. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀tì rẹ̀ jèrè ní ìgbésẹ̀ kan, lọ́ọ̀tì 0.01 ló ṣe. Ọjọ́ tó kú, ẹ ṣírò láti 0.01 dé 0.64, ó jẹ́ 1.27. Ìlọ́po 127. Ọjọ́ tí owó baba pòórá lẹni tó mú un wá gbowó jù. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn mìíràn gba bọ́ọ̀tì náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Bọ̀dé Ìjerò: Ẹ máa bà wá jẹ́ lọ. Tèmi ti ń ṣiṣẹ́ láti èṣí. Mo ti yọ owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀, èrè nìkan ló kù níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ọmọ Ajílọ́ṣùn: Pé o ṣe dáadáa. Lọ́ọ̀tì mélòó ni bọ́ọ̀tì rẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, mélòó ló sì ti dé rí?

Bọ̀dé Ìjerò: Mi ò wo ìyẹn. Owó ń wọlé.

Tíṣà Ìkọ̀lé: Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí gan-an? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń pè é ní olè.

Ọmọ Ajílọ́ṣùn: Ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà àkántì rẹ̀, orúkọ ṣáfà, àti investor password. Ìyẹn kò lè ṣòwò, kò sì lè yọ owó, ó kàn ń jẹ́ kéèyàn wo inú ni. Ẹ fi wọlé sínú áàpù MetaTrader 5 tí wọ́n fi ń ṣòwò. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àkántì démò ni, èyí tí kò sí owó gidi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí History, ẹ wo iye lọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá ń rí 0.01, 0.02, 0.04, 0.08 tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ẹ ti rí i nìyẹn. Àwọn kan kì í sọ ọ́ di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́, wọ́n á ní 1.5, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ sí i ni.

Tíṣà Ìkọ̀lé: Mo béèrè o. Ó ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ investor password, pé ọ̀gá tó ta á fún òun ló mọ̀ ọ́n. Ó wá fi àwòrán History ránṣẹ́. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé apá tí lọ́ọ̀tì wà kúrò.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Ọ̀gá náà ló gé e, àbí ọmọ yìí?

Tíṣà Ìkọ̀lé: Ó ní bó ṣe dé ọwọ́ òun nìyẹn. Ìpàdé ẹgbẹ́ di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti ní kí akápò má tíì yọ kọ́bọ̀.