Kí ni ká pe ìrìn tí awakọ̀ fi ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ rìn fún ara rẹ̀?

Akọ̀wé òṣìṣẹ́, Ṣàgámù: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n kọ ìlànà ilé-iṣẹ́ wa lórí ọkọ̀ sí Yorùbá, kí àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń pín ọjà lè kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ pé: «Ìlò àdáni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ jẹ́ èèwọ̀. Ẹni tó bá rú u yóò san owó ìtanràn.» Ọ̀gá mi ní ó dáa, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó dàgbà jù nínú wọn bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní àdáni. Kí ni kí n kọ?

Olùkọ́ èdè, Ìlọrin: Bàbá awakọ̀ yẹn ò jẹ̀bi. Tí a bá ní ilé-ìwé aládàáni, ohun tí a ń sọ ni pé ẹnì kan ló ni ín. Ẹni tó ka «ìlò àdáni» lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ là ń sọ. «Ìlòkulò» ni kí ẹ kọ. Ó ṣe kedere, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n.

Agbẹjọ́rò, Ìbàdàn: Mo gbà pẹ̀lú yín lórí àdáni, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìlòkulò kọ́ ni a ń wá. Ìlòkulò ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹnu awakọ̀. Àwọn tó ń pín ọjà ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀ máa ń gbé ọkọ̀ lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú àṣẹ. Tí ọ̀kan bá fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba ìyẹn láyè, ara rẹ̀ ló lò ó fún, kò sì lò ó ní ìlòkulò.

Ẹ jẹ́ ká wo awakọ̀ kan tí wọ́n ní kó gbé ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ó dúró ní Fìdítì, ó ra nǹkan jẹ, ó tún bọ́ sọ́nà. Tó bá kọlu ẹnì kan níbi tó ti ń jáde, iṣẹ́ ọ̀gá ló ṣì ń ṣe, ẹni tó kọlù lè pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ó já ẹrù sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tán, ó wá kọrí sí Ìṣẹ́yìn lọ síbi ìkómọjáde. Ìrìn mìíràn nìyẹn. Ìlànà yìí ti pẹ́: adájọ́ kan là á sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1834, nínú ẹjọ́ ẹnì kan tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin kọlù, àwọn ilé-ẹjọ́ wa sì jogún rẹ̀. Ẹni tó kàn yà díẹ̀ lójú ọ̀nà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá tirẹ̀ lọ pátápátá kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí yíyà náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kó tó di ìrìn mìíràn ni wọ́n máa ń jà lé lórí nílé-ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì.

Ará Kétu: Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, Faransé ti pín in sí méjì kí ọ̀rọ̀ ìlò tó dé rárá. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n fún ènìyàn nítorí ipò tó wà, ó lè gbé e káàkiri lópin ọ̀sẹ̀. Òmíràn jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan, tí iṣẹ́ bá tán, kọ́kọ́rọ́ á padà sí ọ́fíìsì. Èmi á pè wọ́n ní «ọkọ̀ ipò» àti «ọkọ̀ iṣẹ́». Ẹ kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tí ìlànà yín kàn.

Ará Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ má gbàgbé ilé sí ibi iṣẹ́ o. Níbí, lójú agbowó-orí, tí ilé-iṣẹ́ bá fún ọ ní ọkọ̀, ìrìn àtilé dé ibi iṣẹ́ ojoojúmọ́, ti ara rẹ ni. Owó-orí wà lórí ẹ̀.

Akọ̀wé òṣìṣẹ́: Ẹ ṣeun, sà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó-orí kọ́ ni mo bèèrè. Síbẹ̀, ẹ ti dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀ fún mi, torí awakọ̀ wa kan máa ń gbé bọ́ọ̀sì sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, Òṣogbo: Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, «ara ẹni» tí ẹ ń sọ yìí, ara ta ni? Ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá rán mi lọ gba aṣọ ìyàwó rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ti fọ́ iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ní ìrìn náà kì í ṣe ti iṣẹ́, wọ́n ń yọ owó oṣù mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ṣé kí n ní mi ò lọ ni?

Agbẹjọ́rò, Ìbàdàn: Bàbá, wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ọ̀gá ló rán yín, iṣẹ́ lẹ ń ṣe. Tí ẹnikẹ́ni bá lo ọkọ̀ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá ni.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù yín ló tún jẹ́ kí n padà sí «owó ìtanràn» tí akọ̀wé kọ. Abala 5 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́. Ohun tó gbà láyè ni owó àdánù: tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bà á jẹ́, wọ́n lè yọ ìwọ̀n tó bójú mu. Bẹ́ẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Nítorí náà, akọ̀wé, ẹ yọ ìtanràn kúrò, ẹ kọ «owó àdánù». Ìyàtọ̀ méjèèjì kì í ṣe ti èdè lásán.

Aṣojú adójútòfò, Èkó: Ẹ má da gbígbé èrò pọ̀ mọ́ ìyókù, ẹ jọ̀ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ínṣọ́ránsì ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi ń kó ẹrù ara rẹ̀, a máa ń yọ gbígbé èrò gbowó sílẹ̀. Tí awakọ̀ bá gbé èrò ní Bẹ́gà, tí ọkọ̀ sì dojú dé, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Èmi kì í pe ìyẹn ní lílo ọkọ̀ fún ara ẹni. «Fífi ọkọ̀ gbowó» ni.

Akọ̀wé òṣìṣẹ́: Ọ̀rọ̀ bàbá Òṣogbo ló là mí lójú. Mo rò pé ohun tó ya ìrìn méjèèjì sọ́tọ̀ ni bóyá wọ́n rán ni. Ẹ wo èyí:

«Ìlànà yìí kan ẹnikẹ́ni tí ilé-iṣẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ iṣẹ́, títí kan àwọn ọ̀gá. Ìrìn àìrán ni ìrìn tí ilé-iṣẹ́ kò rán awakọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rin ìrìn àìrán láìgba ìwé àṣẹ tí orúkọ ibi tó ń lọ àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Dídúró jẹun tàbí yíyà sí ilé epo lójú ọ̀nà iṣẹ́ kì í ṣe ìrìn àìrán. Kò sí àṣẹ fún fífi ọkọ̀ gbowó rárá. Ẹni tó bá rin ìrìn àìrán láìgbàṣẹ yóò gba ìwé ìkìlọ̀. Tó bá tún un ṣe, kọ́kọ́rọ́ yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ gbowó yóò gba kúérì, wọ́n sì lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹnu rẹ̀. A kò ní yọ owó àdánù àfi bí òfin ṣe là á sílẹ̀.»

Olùkọ́ èdè, Ìlọrin: «Ìrìn àìrán»! Bí aṣọ tí télọ̀ ò tíì fọwọ́ kàn. N kò fara mọ́ ọn.

Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì: Awakọ̀ kankan ò ní ṣì í mú, olùkọ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé, aṣọ ìyàwó ọ̀gá ńkọ́?

Akọ̀wé òṣìṣẹ́: Mo ti fi gbólóhùn kan kún un, bàbá: «Ọ̀gá tó bá rán awakọ̀ ní iṣẹ́ ilé ara rẹ̀ ló ni ìrìn àìrán náà.» Mo ń mú un lọ bá ọ̀gá mi láàárọ̀ ọ̀la. Bóyá yóò fọwọ́ sí i, n ò lè sọ. Ti bọ́ọ̀sì tó ń sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò tíì yé mi ibi tí mo máa fi sí.